Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Náírà Tó Bo Mílíọ̀nù Mẹ́ta Mọ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta omi n'Íbàdàn. Àpẹẹrẹ lásán ni o, mi ò ní ẹnì kankan lọ́kàn. Ọjà méjì péré ló ń tà: omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń kó sínú àpò, àti omi inú ike tí wọ́n ń dì ní méjìlá-méjìlá sí pákì. Kí oṣù kẹta tó wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n fojú díwọ̀n pé àwọn á ta 40,000 àpò ní ₦300 àti 5,000 pákì ní ₦1,800. Ti ọ̀rá á mú ₦12,000,000 wá, ti ike á mú ₦9,000,000 wá, àròpọ̀ rẹ̀ ₦21,000,000. Nígbà tí oṣù parí, ọjà tí wọ́n tà jẹ́ ₦20,985,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ló dín. Ọ̀gá ìṣúnná tó bá wo ìlà ìsàlẹ̀ nìkan á ní àwọn tó ṣe ìfojúdíwọ̀n yìí mọṣẹ́, á sì pa ìwé dé.

Ẹ wá gbé ìlà méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n ta 45,500 àpò, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦13,195,000, ìyẹn ni pé ó fi ₦1,195,000 ju ohun tí wọ́n retí lọ. Pákì 4,100 ni wọ́n tà, owó rẹ̀ jẹ́ ₦7,790,000, ó fi ₦1,210,000 dín. Èkíní lé, èkejì dín, èkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èkejì mì tán. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ìfiwéra yìí ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọjà méjì kò ṣòro fún ojú èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá di ogójì, tí dẹ́pò di mẹ́wàá, irinwó ìlà ló ń dúró de akọ̀wé kan lóṣooṣù, ọ̀gá sì ń retí èsì lọ́jọ́ kẹta. Àròpọ̀ nìkan ni yóò ráyè wò.

Tábìlì méjì ni iṣẹ́ náà nílò. Èkíní ni ìfojúdíwọ̀n: oṣù, dẹ́pò, ọjà, òǹkà tí a retí, owó tí a retí. Èkejì ni títà gan-an, tí a ṣà jọ láti inú ínfọ́ìsì, tí a sì rò pọ̀ títí ó fi bá tábìlì èkíní mu: oṣù kan, dẹ́pò kan, ọjà kan, ìlà kan. Bí ìfojúdíwọ̀n bá jẹ́ ti oṣù, tí títà sì jẹ́ ti ojoojúmọ́, ẹ kọ́kọ́ ro ti ojoojúmọ́ pọ̀ ná. Owó ọjà tí a tà ni mo ń sọ o, yálà oníbàárà ti sanwó tàbí kò tíì san. Owó tó wọ báńkì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹni tó bá kó méjèèjì pọ̀ á máa ṣàlàyé gbèsè oníbàárà bí ẹni pé ọjà ni kò tà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìfojúdíwọ̀n ni kí ẹ tì í pa. Ẹ fi ọjọ́ náà sórúkọ fáìlì, kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan mìíràn lé e. Mo ti rí i níbi tí ọ̀gá títà ti wọ inú fáìlì lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, tó fi òǹkà tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ó ní òun kàn ń "ṣàtúnṣe" ni. Nígbà tí oṣù parí, kò sí ìyàtọ̀ kankan láti ṣàlàyé. Bí ọkàn bá yí padà láàárín oṣù, ẹ ṣe fáìlì kejì, ẹ jẹ́ kí èkíní wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ ni ibi tí tábìlì méjèèjì ti ń pàdé. Àwọn tó ń lo Ẹ̀sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń lo `VLOOKUP`: wọ́n á dúró lórí tábìlì ìfojúdíwọ̀n, wọ́n á máa pe títà wá síbẹ̀. Ọjà tuntun tí kò sí nínú ìfojúdíwọ̀n kò ní rí ẹni pè é, owó rẹ̀ á dàwátì. Ìsopọ̀ tó yẹ ni èyí tó ń mú gbogbo ìlà wá láti ọ̀tún àti òsì, tó sì ń sọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti wá. Báyìí ló ṣe rí ní Páítọ́ọ̀nù:

```python
k = ["osu", "depo", "oja"]
t = eto.merge(tita, on=k, how="outer", indicator=True)
c = ["onka_e", "owo_e", "onka_t", "owo_t"]
t[c] = t[c].fillna(0)
```

`eto` ni ìfojúdíwọ̀n, `tita` ni títà gan-an. `_e` àti `_t` ló ń fi òǹkà àti owó tiwọn hàn. Òpó kan á yọjú tó ń jẹ́ `_merge`. Ìlà tó bá ní `both` wà nínú tábìlì méjèèjì. `left_only` wà nínú ìfojúdíwọ̀n nìkan, `right_only` wà nínú títà nìkan. Kí ẹ tó ka ìyàtọ̀ kankan, irú ìlà méjì tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá rí i pé `left_only` kan ń retí mílíọ̀nù mẹ́rin, tí `right_only` kan sì ta ohun tó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dẹ́pò kan náà ni: ẹnì kan kọ "Abeokuta" sínú ìfojúdíwọ̀n, ẹni tó ń tẹ ínfọ́ìsì sì kọ "ABK". Kò sí ọjà tó jábọ́, kò sí ọjà tó gbéra, orúkọ ni ò bára mu.

Àṣìṣe mìíràn wà tí mo mọ̀ dáadáa, torí èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ni mo wà nígbà náà. Ní oṣù kan, gbogbo ìlà ló ju ìfojúdíwọ̀n lọ, kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Inú ọ̀gá dùn, ó ní kí n kọ ọ́ sókè pátápátá nínú ìròyìn. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ wò ó ni mo rí i pé ìdá tí ìlà kọ̀ọ̀kan fi lé fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: 7.1, 7.9, 7.4, 7.6. Ọjà kì í ṣe báyẹn. Bí ọjà bá tà gan-an, ìkan á fi ogún lé, òmíràn á fi mẹ́ta dín. Mo ti fa owó láti inú òpó tí owó-orí ọjà wà nínú rẹ̀, fáàtì 7.5% tí ìjọba ń gbà láti oṣù kejì ọdún 2020, bẹ́ẹ̀ ìfojúdíwọ̀n kò ní in nínú. Láti ọjọ́ náà, kí n tó wo bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó, mo máa ń wò ó bóyá gbogbo ìlà ń rìn pọ̀. Bí wọ́n bá ń rìn pọ̀, inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti wá ìdí rẹ̀, ẹ má tíì lọ sọ́jà.

Nígbà tí ìsopọ̀ bá ti mọ́, a ó pín ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan sí méjì: apá tí òǹkà fà, àti apá tí owó ẹyọ fà. Ti òǹkà ni ohun tí a tà lé tàbí tí a tà dín, lọ́nà owó ẹyọ tí a retí. Ti owó ẹyọ ni ohun tí owó kọ̀ọ̀kan fi ga tàbí tí ó fi rẹlẹ̀, lọ́nà òǹkà tí a tà gan-an.

```python
pe = t.owo_e / t.onka_e
pt = (t.owo_t / t.onka_t).fillna(pe)
t["ti_onka"] = (t.onka_t - t.onka_e) * pe
t["ti_owo_eyo"] = (pt - pe) * t.onka_t
```

Fún omi inú ọ̀rá, àpò 5,500 ló lé. Ní ₦300, òǹkà mú ₦1,650,000 wá. Owó ẹyọ jẹ́ ₦290 dípò ₦300, nítorí náà ₦10 lọ́nà 45,500 àpò, ₦455,000 ló bọ́ lọ. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,195,000, bó ṣe yẹ kó rí. Fún ike, pákì 900 ló dín, ìyẹn ₦1,620,000. Ṣùgbọ́n wọ́n tà á ní ₦1,900 dípò ₦1,800, èyí sì dá ₦410,000 padà. Ó ku ₦1,210,000. Ẹ wá wo ohun tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn bò mọ́lẹ̀: òǹkà ọjà kan gòkè ní ₦1,650,000, òǹkà ìkejì já wálẹ̀ ní ₦1,620,000. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí ọjà fi ṣí kúrò níbi tí a ti retí rẹ̀.

Àwọn tó gbọ́n á béèrè ibi tí ₦10 tó bọ́ lórí 5,500 àpò tó lé yẹn yẹ kó wà, nítorí òǹkà àti owó ẹyọ ló jọ bí i. Nínú ìṣirò tí mo ṣe yìí, ọ̀dọ̀ owó ẹyọ ló wà. Ẹlòmíràn á gbé e sọ́dọ̀ òǹkà, kò burú. Ohun tó burú ni kí ẹ gbé e síhìn-ín lóṣù yìí, kí ẹ gbé e sọ́hùn-ún lóṣù tó ń bọ̀. Ọjà tuntun kò sì ní owó ẹyọ tí a retí. Òdo ni yóò wà lábẹ́ ìpín, `pe` á sì di `NaN`. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀, kí ẹ pè é ní ọjà tuntun. Àwọn kan tún máa ń yọ apá kẹta, ti bí ọjà ṣe dà pọ̀ mọ́ra wọn. Mi ò ṣe é níbí, torí kí n tó ṣe é, mo gbọ́dọ̀ ro àpò ọ̀rá àti pákì ike pọ̀ sí òǹkà kan, bí ẹni tó ka adìyẹ mọ́ màlúù.

Kì í ṣe gbogbo ìlà ló yẹ kí èèyàn kọ̀wé lé lórí. Ẹ fún kọ̀ǹpútà ní ààlà méjì tó gbọ́dọ̀ kọjá pọ̀: ká ní 5% àti ₦250,000. Bó bá jẹ́ ìdá nìkan, ọjà kékeré tó fi ₦20,000 lé á máa pariwo lóṣooṣù. Bó bá jẹ́ náírà nìkan, ọjà ńlá tó yẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń yẹ̀ á máa gba àlàyé tí kò nílò. Ìlà wa méjèèjì kọjá ààlà: 10.0% àti 13.4%. Àròpọ̀, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.07%, kò ní kọjá láéláé. Ìdí nìyẹn tí ààlà fi gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà.

Láti ibí yìí, kọ̀ǹpútà lè kọ gbólóhùn fúnra rẹ̀. Ẹ ó kọ àwòṣe gbólóhùn kan tó ní àyè fún orúkọ ọjà, owó, ìdá àti apá méjèèjì, òun á sì máa fi òǹkà dí àwọn àyè náà. Ohun tí yóò kọ fún ike nìyí: "Owó omi inú ike fi ₦1,210,000 dín sí ìfojúdíwọ̀n (13.4%). Òǹkà tó dín fa ₦1,620,000; owó ẹyọ tó gòkè dá ₦410,000 padà." Òtítọ́ pọ́nńbélé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá kà á á fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí ìtàn náà: wọ́n fi ₦100 lé owó, àwọn èèyàn sì sá. Òǹkà wálẹ̀, owó gòkè, kí ló tún kù? Á ní kí wọ́n dá owó padà sí ₦1,800.

Títà ojoojúmọ́ la ó bi. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú oṣù náà. Láti ọjọ́ kọkànlá dé ọjọ́ kọkàndínlógún, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ gbáko, òdo ni títà ike. Ọjà tí owó lé sá kì í di òdo lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì tún padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n pe dẹ́pò, ẹni tó gbé fóònù ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ike ló bàjẹ́. Kò sí ọjà nílẹ̀, kí la fẹ́ tà?" Ẹ wá pín 4,100 pákì sí ọjọ́ méjìdínlógún tí ọjà fi wà nílẹ̀: bíi 228 lójúmọ́. Ìfojúdíwọ̀n ń retí 5,000 ní ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bíi 192 lójúmọ́. Nígbà tí omi wà, ó tà ju bí a ṣe retí lọ, pẹ̀lú ₦1,900 tó ń jẹ́. Lóòótọ́, lára rẹ̀ lè jẹ́ ti àwọn tó ń rà láti fi dí ọjọ́ tí kò sí, nítorí náà mi ò ní sọ pé owó tuntun kò lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò sí ẹ̀rí rẹ̀ nínú oṣù yìí. Ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n tún ṣe, kì í ṣe owó.

Ti ọ̀rá le díẹ̀ sí i, torí ìròyìn ayọ̀ ló dà bí i, kì í sì í sí ẹni tó ń yẹ ìròyìn ayọ̀ wò. ₦290 yẹn gan-an, kò sẹ́ni tó ra àpò kankan ní ₦290. Ìpíndọ́gba lásán ni. Nígbà tí a tú ínfọ́ìsì palẹ̀, 27,300 àpò ni wọ́n tà ní ₦300, wọ́n sì ta 18,200 yòókù ní ₦275. Ẹ fi ₦25 lọ́nà 18,200: ₦455,000, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni apá owó ẹyọ wa. Nítorí náà owó ọ̀rá kò wálẹ̀ nínú ọjà. Ẹ̀dínwó ni wọ́n fún àwọn kan. Ínfọ́ìsì mẹ́fà péré ni gbogbo 18,200 àpò náà wà nínú rẹ̀, láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ìyá oníwọ́tà tó ń ra igba àpò lọ́sẹ̀ kì í ṣàdédé ra ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àwọn tó ń tajà ló fẹ́ dé ibi tí wọ́n retí wọn dé kí oṣù tó parí, ni wọ́n bá bẹ àwọn alágbàtà kí wọ́n gba ọjà sílẹ̀ ní ẹ̀dínwó.

Ohun kan tún wà láti yẹ̀ wò kí a tó gba owó yẹn wọlé: ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé ọjà lọ. Òfin ìṣirò IFRS 15, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, kò jẹ́ kí a ka ọjà sí títà títí tí àṣẹ lórí rẹ̀ yóò fi bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà. Ínfọ́ìsì tí wọ́n tẹ̀ lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, tí wébíìlì rẹ̀ sì jẹ́ ti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, oṣù kẹrin ló ni ín. Kọ̀ǹpútà lè ṣe èyí fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ méjèèjì bá wà nínú tábìlì: kó kàn tò gbogbo èyí tí oṣù wọn kò bára mu. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjà inú ínfọ́ìsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ti kúrò ní dẹ́pò kí oṣù tó parí. Owó náà dúró. Ṣùgbọ́n omi tí ó yẹ kí àwọn alágbàtà rà ní oṣù kẹrin ti wà nílé wọn.

Ibí yìí ni àlàyé tí a ń kọ fún ọ̀gá ti yàtọ̀ sí gbólóhùn tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde. Kọ̀ǹpútà lè sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti iye rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń ti ẹnu ẹni tó wà ní dẹ́pò wá, kí ẹ sì fi òǹkà dán ìdí náà wò kí ẹ tó kọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ bóyá ìyàtọ̀ náà á dúró tàbí á padà, torí ohun tí ọ̀gá máa fi ṣe ìpinnu nìyẹn. Mo máa ń fi àyè kan sílẹ̀ lábẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìròyìn, àyè tí kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ dí. Bí kò bá tíì sí ìdí tí wọ́n ti dán wò, kí àyè náà wà lófìfo. Àyè òfìfo sàn ju "nítorí bí ọjà ṣe rí lóde" lọ, gbólóhùn tí mo ti kà tó ìgbà tí mi ò lè kà mọ́.

Ohun tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ìṣúnná nìyí:

"Owó ọjà oṣù kẹta fi ₦15,000 dín sí ìfojúdíwọ̀n, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá méjì ló pa ara wọn rẹ́. Omi inú ike dín ní ₦1,210,000: ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ike kò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tí ọjà wà, títà jẹ́ 228 pákì lójúmọ́, a retí 192. A kò rí ẹ̀rí pé ₦1,900 dín títà kù. Omi inú ọ̀rá lé ní ₦1,195,000: ínfọ́ìsì mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, 18,200 àpò, ní ẹ̀dínwó ₦25. A rò pé èyí tó pọ̀ jù nínú 5,500 àpò tó lé yóò dín kúrò nínú títà oṣù kẹrin. A ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kẹwàá."

Gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn yẹn ni kọ̀ǹpútà tún gbà padà. A tò wọ́n sínú tábìlì kékeré kan: ohun tí a sọ, òǹkà tí a sọ, ọjọ́ tí a máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, tábìlì náà yọjú fúnra rẹ̀. Ìfojúdíwọ̀n ń retí bíi 13,800 àpò títí di ọjọ́ náà. Wọ́n ti ta 9,400. Nínú 5,500 tó lé ní oṣù kẹta, 4,400 ti padà lọ, oṣù kò sì tíì dé àárín.